Támílì Ìwé Tàbí Támílì Ẹnu: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Kí O Tó Ya Fíìmù Rẹ

Àbúrò mi, mo ti ka ìwé eré rẹ tán, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣadé, ọmọ Muṣin tó ń ṣe ìṣirò owó ní ṣọ́ọ̀bù páìpù ní Ìlúpéjú. Kumar, ọmọ Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá Kumar tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Madurai dé. Bàbá Ṣadé ní Súrúlérè, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ìlúpéjú tí o fi ṣe ibùdó ìtàn náà bá a mu gan-an, torí àwọn ará Íńdíà pọ̀ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ wọn pàápàá, ibẹ̀ ló wà. O sì ṣe dáadáa tí o kò sọ Kumar di ẹlẹ́dè Híńdì. Fíìmù Híńdì ni a fi dàgbà, òun náà la gbọ́ nínú Namaste Wahala lọ́dún 2021, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ló rò pé gbogbo ará Íńdíà ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ti Madurai wá, Támílì ni èdè rẹ̀, ó sì lè má gbọ́ Híńdì rárá.

Ibi tí mo ti dúró ni ọ̀rọ̀ Támílì tí o ní kí ẹnìkan bá ọ túmọ̀. Mo kà á sókè fún ara mi, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà tí mo ń kàwé ní Chennai, kò sì jọ ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ o. Gírámà rẹ̀ dúró dáadáa. Àmọ́ Támílì ìwé ni látòkè délẹ̀, kò sì sí ìyá kan ní gbogbo Tamil Nadu tó ń fi Támílì ìwé pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Bí o bá yà á báyìí, ìyá Kumar yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Má bínú sí ẹni tó bá ọ túmọ̀ rẹ̀. Támílì tí wọ́n ń kọ àti Támílì tí wọ́n ń sọ jìnnà síra wọn débi pé bí o bá gbé bébà fún ọmọ Támílì, tí o ní kó kọ nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ á kàn lọ sí ti ìwé ni. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọ nìyẹn. Tí o bá ní kí òun náà gan-an sọ gbólóhùn kan náà fún ìyàwó rẹ̀, ohun mìíràn pátápátá ló máa jáde.

Má sì rò pé ó rí bíi ti ìjìnlẹ̀ Yorùbá àti Yorùbá ìgboro lásán. Tiwa náà jìnnà síra, ṣùgbọ́n o ṣì lè bá ìyá àgbà kan pàdé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìjìnlẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ láìṣe pé ó ń ṣe àṣehàn. Èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ ni. Támílì ìwé kò ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n fi í rẹ̀ lẹ́kún. Ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ tálákà, ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn ti ń bá a pàdé. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹnìkan nínú fíìmù bá la ẹnu tó sì sọ Támílì ìwé, àwọn tó ń wòran mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe nǹkan ni. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Jẹ́ kí n fi gbólóhùn mẹ́ta hàn ọ́. Mo fi ábídí wa kọ wọ́n. Níbi tí fáwẹ́lì bá ti jẹ́ méjì, fà á gùn. Bí Kumar bá fẹ́ sọ pé òun ń lọ sílé, Támílì ìwé ni *naan viittirkup pookireen*, ti ẹnu sì ni *naan viittukku pooreen*. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ omi, ìwé ní *enakkut thanniir veendum*, ẹnu ní *enakku thanni veenum*. Bí wọ́n bá ń sọ nípa ọkùnrin kan pé ó ti dé, ìwé ní *avan vanthuvittaan*, ẹnu ní *avan vanthuttaan*. Ṣé o rí i bí ti ẹnu ṣe ń gé àárín ọ̀rọ̀, tó ń jẹ kọ́ńsónáǹtì run, tó sì ń sáré lọ síparí? Nǹkan tí bébà kò fi hàn ọ́ tún wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí *n* tàbí *m*, ẹnu kì í pè é tán. Fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ á kàn gba imú jáde, bí a ṣe ń pe *ọ̀sán* tàbí *ìbọn*. Ọmọ Yábàá tí o fẹ́ fi ṣe Ṣadé á mú ìyẹn kíákíá, torí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ló máa ń làágùn níbẹ̀.

Ó dáa, kí ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ń sọ nípa ẹni tó ń sọ ọ́?

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn akọ̀wé eré ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé Támílì ìwé túmọ̀ sí ọ̀mọ̀wé, ti ẹnu sì túmọ̀ sí ẹni tí kò kàwé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà ní Chennai, Támílì ẹnu ló ń sọ, lọ́yà náà bẹ́ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Támílì ìwé ní kíláàsì, Támílì ẹnu ló fi ń ná ẹja. Ohun tó ń fi ọ̀mọ̀wé hàn nínú Támílì ẹnu ni Gẹ̀ẹ́sì tó lú u. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á lẹ *pannu* mọ́ ọn, tí í ṣe ọ̀rọ̀ wọn fún kí èèyàn ṣe nǹkan, ó di ọ̀rọ̀ ìṣe: *foon pannu*, ìyẹn ni pé pè mí lórí fóònù. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní Yábàá tó ń sọ pé «mo máa kọ́ọ̀lù ẹ» á mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà Kumar, tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kó tó wá sí Èkó, *foon pannu* ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní Gẹ̀ẹ́sì tó tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ nìkan, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó gbọ́ Támílì ti mọ ìyàtọ̀ ìyá sí ọmọ.

Ta ló wá ń fi Támílì ìwé sọ̀rọ̀ sókè? Akaròyìn. Olóṣèlú lórí pèpéle. Tíṣà tó ń ka ẹ̀kọ́. Òrìṣà àti ọba nínú fíìmù. Àti ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Ti olóṣèlú yẹn ní ìtàn tó yẹ kí o mọ̀, torí bí o bá wo fíìmù Támílì àtijọ́ láti fi kọ́ṣẹ́, á tàn ọ́ jẹ. Ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń kọ fíìmù Támílì tó lókìkí jù, olóṣèlú ni wọ́n. C. N. Annadurai ló kọ Velaikkari, tó jáde ní 1949, ọdún kan náà tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú DMK sílẹ̀. M. Karunanidhi ló kọ ọ̀rọ̀ inú Parasakthi ní 1952, fíìmù tí Sivaji Ganesan fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú rẹ̀, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ganesan ṣe wá sílé ẹjọ́, ó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú Támílì ìwé tó dán gbinrin, tó ń tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ìlù. Àwọn èèyàn há a sórí. Kì í ṣe pé ọ̀daràn máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Ìpolongo ni. Ẹgbẹ́ wọn gbà pé Támílì tó mọ́, tí kò ní ọ̀rọ̀ Sáńsíkíríìtì nínú, ni iyì àwọn Támílì, wọ́n sì fi ẹnu òṣèré gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè ka ìwé. Annadurai di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ní 1967, Karunanidhi sì gbapò náà ní 1969. Ó hàn pé ìpolongo náà mú èrè wá.

Ohun tó yí ọ̀nà náà padà jù lọ lójú tèmi ni 16 Vayathinile, fíìmù tí Bharathiraja gbé jáde ní 1977. Ó gbé kámẹ́rà lọ sí abúlé, ó sì jẹ́ kí Kamal Haasan, Sridevi àti Rajinikanth sọ̀rọ̀ bí ará abúlé. Kì í ṣe pé a kò gbọ́ Támílì ẹnu nínú fíìmù ṣáájú ìgbà náà o, àwọn aláwàdà àti ìránṣẹ́ ń sọ ọ́, akọni eré ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń sọ Támílì ìwé nínú fíìmù òde òní, ó sábà máa ń jẹ́ ọba tàbí òrìṣà. Nínú Ponniyin Selvan, tí Mani Ratnam ṣe ní 2022 nípa àwọn ọba Chola, o máa gbọ́ èdè tó súnmọ́ ìwé, torí ayé àtijọ́ ni. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ṣaworoidẹ fún Túndé Kèlání ní 1999, èdè ààfin ló bá a mu. Bí wọ́n bá gbé èdè yẹn sẹ́nu Jẹ́nífà ti Fúnkẹ́ Akíńdélé ní 2008, fíìmù náà ì bá ti kú sọ́wọ́ wọn.

Wàyí o, ìwé eré tìrẹ. Mo fẹ́ kí o fi Támílì ìwé sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta péré, kí o sì yí gbogbo ìyókù padà.

Ibi àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. Nígbà tí Kumar ṣí lẹ́tà bàbá rẹ̀ tó ti kú, tí a sì ń gbọ́ ohùn bàbá náà, jẹ́ kó wà bó ṣe wà, láti *anbulla maganukku* tó fi bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Lẹ́tà ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ó tún ṣe ọ́ láǹfààní mìíràn: bàbá tí a kò rí, èdè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, a ó sì gbọ́ bó ṣe jìnnà tó.

Ibi kejì, ẹ̀fẹ̀ ìyá ni. Ní òru tí Kumar pẹ́ dé láti ilé Ṣadé, o kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Má jẹ́ kó pariwo. Jẹ́ kó dìde, kó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń kí àlejò pàtàkì, kó sì sọ pé *vaarungal, vaarungal*. Káàbọ̀ ti orí ìwé nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, nígbà tó jẹ́ pé *vaa* lásán ló ń sọ fún un lójoojúmọ́. Ìyá Yorùbá wo ni kò tíì sọ fún ọmọ tó wọlé ní aago méjìlá òru pé «Kábíyèsí, ẹ káàbọ̀»? Kumar á mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Ibi kẹta ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ o kò tíì lò ó dáadáa. Ṣadé fẹ́ kí ìyá Kumar dáadáa. Ta ló máa kọ́ ọ? Kì í ṣe Kumar, torí Ṣadé fẹ́ kí ó ya Kumar lẹ́nu. Ó wá ìwé ìkọ́ni kan, ó há gbólóhùn kan sórí, ó dé iwájú ìyá náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti mọ́ ọn lára, ó sì sọ pé: *Ammaa, niingal eppadi irukkiriirgal?* Mọ́mì, ṣé dáadáa lẹ wà? Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti ẹnu ni *niinga eppadi irukkiinga*. Ìyá náà á wò ó, á bú sẹ́rìn-ín, á sì dá a lóhùn ní Támílì ẹnu tó yára tí Ṣadé kò ní gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀: *nallaa irukkeen maa, saaptiyaa?* Mo wà dáadáa, ọmọ, ṣé o ti jẹun? Òǹwòran tó gbọ́ Támílì á mọ̀ pé ọmọ yìí fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà, ó kàwé nítorí ìyá. Èyí tí kò gbọ́ Támílì náà á rí i lójú ìyá pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé eré tí o fi ránṣẹ́ sí mi, Támílì ìwé ni ìyá náà fi dá a lóhùn, àwọn méjèèjì wá ń sọ ohun kan náà. Ó pa ibẹ̀ run pátápátá. Ẹ̀rín kò lè wà níbẹ̀ àfi bí ọ̀kan bá ń sọ ti ìwé tí èkejì sì ń sọ ti ẹnu.

Kíyè sí *maa* tó wà nínú ìdáhùn ìyá náà. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, kódà ọmọ ẹlòmíràn: *vaa maa, ukkaaru*, wá, ọmọ, jókòó. *Dii* tún wà. Ìyá máa ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó bí, ọ̀rẹ́bìnrin sí ọ̀rẹ́bìnrin, àmọ́ bí àjèjì bá sọ ọ́ sí ọ, èébú ni. Ti ọkùnrin ni *daa*, òun náà rí bẹ́ẹ̀. Fi èyí ṣe ìrìn àjò ìyá náà: *maa* ni kó máa pe Ṣadé láti ìbẹ̀rẹ̀, títí di ìgbà tí wọ́n ń bó ẹ̀pà ní ẹ̀yìnkùlé tó sì gbàgbé ara rẹ̀, tó sọ pé *ille dii*, rárá o, ìwọ ọmọ yìí. Ibẹ̀ ni ó ti gbà á. Kò sí ìdí fún ìsọ̀rọ̀ ńlá tí o kọ sí òpin, tó ní «láti òní lọ, ọmọ mi ni ọ́». Yọ ọ́ kúrò, jọ̀wọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ìtàn náà ni Yorùbá Kumar. O jẹ́ kó máa sọ Yorùbá bí ìwé ìkọ́ni, «ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, inú mi dùn láti mọ̀ yín». Níbo ló ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé páìpù fún un láti Muṣin ló ti ń kọ́ èdè. Yorùbá tirẹ̀, ti ìgboro ni. Nígbà tó bá dé Súrúlérè, tó sì bá bàbá Ṣadé lórí àga, ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni «Baba, báwo ni? Ṣé o wà?» Inú tíṣà àgbà á ru. Bàbá tó ṣì ń sọ pé «n kò mọ̀» níbi tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé «mi ò mọ̀», o fi *o* kí i!

Àmọ́ má jẹ́ kí Kumar dúró sínú àṣìṣe náà, torí ìwà rẹ̀ kò ní gbà á. Támílì ní *nii* fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé, ó ní *niinga* fún àgbà, bí a ṣe ní *o* àti *ẹ*. Ó ní *avan* fún ọkùnrin tí kò ju èèyàn lọ, *avaru* fún ẹni tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún, bí a ṣe ní *ó* àti *wọ́n*. Òyìnbó lè lo ogún ọdún ní Èkó kó má mọ ìdí tí *o* fi ń bí àgbà nínú. Ọmọ Madurai á mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, bí Ṣadé bá kàn yọ «ẹ, ẹ» sí i létí, kí ojú Kumar yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó dìde, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá náà á rí i pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ni, ẹni tó kọ́ ọ ní Yorùbá ni kò tọ́ ọ. Mo fẹ́ràn bí àwọn méjèèjì ṣe wá ń bá ara wọn dọ́gba: Ṣadé mú èdè tó ga jù wá bá ìyá, Kumar mú èyí tó rẹlẹ̀ jù wá bá bàbá.

Bí o ṣe máa rí Támílì ẹnu gbà ló kù. Má ṣe fi ìwé eré ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé kó túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Wá obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Támílì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ ti ìyá Kumar, tó sì ti agbègbè Madurai wá bó bá ṣeé ṣe. Lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́, má lọ ní ọwọ́ òfo. Má fún un ní bébà. Sọ ìtàn fún un: ọmọ rẹ pẹ́ dé, oúnjẹ ti tutù, kí lo máa sọ? Tan fóònù, kí o gbà á sílẹ̀. Jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, torí ti àkọ́kọ́ máa ń le díẹ̀, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi etí rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ábídí wa. Èyí ṣe pàtàkì, torí ábídí Támílì kò ya *k* àti *g* sọ́tọ̀, kò ya *p* àti *b*, lẹ́tà kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, òṣèré Yorùbá kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó pè. Àwọn tó ń fi ábídí Támílì kọ ti ẹnu, kálukú ló ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ohùn tó wà lórí fóònù ni kí o fi ṣe ọ̀gá, kí bébà máa tẹ̀lé e.

Bí o kò bá rí ará Madurai, irú Támílì ẹnu kan wà tí gbogbo wọn ń gbọ́, èyí tí àwọn ìdílé tó kàwé níwọ̀nba ń sọ nínú ìlú, tí ọ̀pọ̀ fíìmù náà sì ń lò. Ìyẹn tó. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o lọ mú ti ìgboro Chennai, tí àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ń sọ, kí o gbé e sẹ́nu ìyá náà torí pé o gbọ́ ọ nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín. Bí ìgbà tí bàbá Ṣadé bá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ gáréèjì ni. Ṣọ́ra fún *-ngo* náà. Bí ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́ bá ń sọ *vaango* níbi tí àwọn yòókù ti ń sọ *vaanga*, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdílé Bírámínì tàbí ará Jaffna ní Sri Lanka. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ìtàn ìdílé mìíràn lo ń sọ nìyẹn, o kò sì mọ̀ pé o ń sọ ọ́.

Báwo lo ṣe máa mọ̀, ìwọ tí o kò gbọ́ Támílì, bí ti ìwé bá tún yọ́ wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á? Fetí sí ìparí ọ̀rọ̀. Bí o bá ń gbọ́ *-kireen*, *-kiraay*, *-kiraarkal*, tàbí *-iirgal* bíi ti Ṣadé, ti ìwé ni. Bí o bá gbọ́ *veendum* dípò *veenum*, ti ìwé ni. Bí o bá gbọ́ *mattrum* láàárín nǹkan méjì, ẹnìkan ti túmọ̀ «àti» láti inú Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹnu ìyá kankan ló ti wá. Bí gbólóhùn kan bá sì ń gùn ju bí òṣèré ṣe lè sọ ọ́ ní èémí kan lọ, dá a dúró kí o bi í pé báwo ló ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá ni. Àwọn sílébù tó lé wọ̀nyẹn máa ń jẹ àkókò.

Ó ku ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa ń kọjá lábẹ́ àwòrán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Súrúlérè àti Yábàá máa ti rí ìyàtọ̀ náà, torí etí wọn kò ní gbọ́ ọ. Lẹ́tà bàbá, fi ìjìnlẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, kí «n kò» àti «yóò» wà níbẹ̀. *Vaarungal* ìyá, kọ «Kábíyèsí, ẹ káàbọ̀» síbẹ̀. Gbogbo ìyókù tí ìyá ń sọ, kọ ọ́ bí mọ́mì wa ṣe máa sọ ọ́, «ṣé o ti jẹun?», «gbé e wá», «mi ò fẹ́». Gbólóhùn Ṣadé tó há sórí ló le jù. Bí o bá kọ «ṣé dáadáa lẹ wà?» síbẹ̀, ẹ̀rín ìyá náà kò ní yé ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kí o kọ ọ́ bí ìwé ìkà ọmọ iléèwé: «Ìyá mi, báwo ni àlàáfíà ara yín ti rí?» Bí ìwọ bá rí èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa rùn bí ìwé díẹ̀. Kí o sì kọ orúkọ ìyá tó sọ Támílì náà fún ọ sí ìparí fíìmù, bó bá gbà, níbi tí orúkọ akọ̀wé wà gan-an. Òun ló kọ ìdajì rẹ̀.